Bí a ṣe ń wá àlàfo ìwádìí, àti bí ìbéèrè ṣe ń ti inú rẹ̀ jáde

"Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú ìwádìí yìí ní ìlú wa." Ọ̀pọ̀ àbá ìwádìí ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Alábòójútó á ní: kí ló yàtọ̀ ní ìlú yín? Bí kò bá sí èsì, kò tíì sí àlàfo. Àlàfo ni ohun tí àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ kò lè sọ fún wa nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ fífún ọmọ ní ọmú nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kódà kó má mu omi. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà ní ọdún 2018 rí i pé nǹkan bí ọmọ 29 nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ni wọ́n ń tọ́ báyìí.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ka ìwádìí 20 lórí rẹ̀. Kó fa tábìlì, kó kọ ẹni tí wọ́n bi léèrè, ibi tí wọ́n ti bi wọ́n àti ohun tí wọ́n rí. Kó wá ka tábìlì náà láti òkè wá sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn" ló kún abẹ́ "ibo", ohun tí ìyá sọ níwájú nọ́ọ̀sì nìkan ni gbogbo wọn gbọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ìyá nídìí ìsọ̀ rẹ̀. Àlàfo rèé, yóò sì kọ ọ́ báyìí:

"Ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìyá mọ àǹfààní ọmú nìkan. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bi wọ́n léèrè. A kò mọ ohun tí ọmọ ń mu nígbà tí ìyá bá padà sọ́jà. Nítorí náà, ìlanilọ́yẹ̀ lè máa tún ohun tí ìyá ti mọ̀ sọ, kó má sì kan ohun tó ń dí i lọ́wọ́."

Ìbéèrè kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú gbólóhùn kẹta yẹn, èyí tó sọ ohun tí a kò mọ̀. "Kí ni ipa ọjà lórí fífún ọmọ lọ́mú?" ti fẹ̀ jù. Èyí ló ṣeé dáhùn: "Láàárín àwọn ìyá tó ń tajà ní Bódìjà, Ìbàdàn, tí ọmọ wọn kò tíì pé oṣù 6, kí ni ọmọ kọ́kọ́ mu yàtọ̀ sí ọmú, omi ni tàbí àgbo?" Èkejì: "Ta ló fún un, kí sì nìdí?" "Ṣé ìyá mọ àǹfààní ọmú?" kò sí lára wọn, torí gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dáhùn rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò lè fi hàn pé ọjà ló fa omi tí ọmọ mu. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní láti bi àwọn ìyá tí kò kúrò nílé náà, kó fi wọ́n wéra.