Bí Máàkì Inú Kíláàsì Ṣe Ń Di Fáàsì Kíláàsì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, máàkì 100 ni kọ́ọ̀sì kan ní, 30 fún iṣẹ́ inú sáà ẹ̀kọ́ àti 70 fún ìdánwò ìparí. Ẹ jẹ́ kí á mú olùkọ́ kan tó pín 30 rẹ̀ sí 10 fún asáínmẹ́ǹtì àti 20 fún tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò ṣe tẹ́ẹ̀sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí 20, ó sì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé òun yóò yọ èyí tí máàkì rẹ̀ kéré jù, òun yóò sì pín àpapọ̀ méjì yòókù sí méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 8, 15 àti 17. Nígbà tí a yọ 8, ìdajì 32 jẹ́ 16. Ó gba 9 nínú asáínmẹ́ǹtì àti 45 nínú ìdánwò, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 70, tí í ṣe A. Ká ní a kò yọ ohunkóhun ni, 67 àti díẹ̀ ni ì bá ní, B ni ì bá sì gbà. Nínú Excel lórí kọ̀ǹpútà, bí máàkì tẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú àpótí B2 sí D2, olùkọ́ lè kọ ọ́ báyìí:

```
=(SUM(B2:D2)-MIN(B2:D2))/2
```

Ibi tí ewu wà ni ojú àpótí tó ṣófo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kò bá wá sí tẹ́ẹ̀sì kìíní, tó sì gba 15 àti 17 nínú àwọn tó kù, `MIN` kò ní ka àpótí tó ṣófo náà sí. 15 ni yóò yọ, 8.5 ni yóò sì gbé jáde dípò 16. Kí olùkọ́ kọ 0 síbẹ̀, 0 náà ni a óò yọ.

Lẹ́yìn èyí, máàkì fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé póìǹtì ló rọ́pò rẹ̀: A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé F tí í ṣe 0. Ẹni tó gba 60 àti ẹni tó gba 69 kò yàtọ̀ síra wọn rárá, èyí tí mo rò pé ó le díẹ̀. A ó wá fi póìǹtì náà sọ yúníìtì kọ́ọ̀sì di púpọ̀, nítorí náà A nínú kọ́ọ̀sì yúníìtì 3 jẹ́ 15, B sì jẹ́ 12.

CGPA ni àpapọ̀ gbogbo póìǹtì wọ̀nyí tí a fi àpapọ̀ yúníìtì pín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní póìǹtì 72 lórí yúníìtì 15 ní sáà kìíní gba 4.80, bó bá ní 102 lórí 24 ní sáà kejì, ó gba 4.25. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ro méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á pín in sí méjì, tí wọ́n á sì rí 4.525, èyí tó ti kọjá 4.50 tí fáàsì kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n 174 tí a fi 39 pín kò ju 4.46 lọ, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì apá òkè sì ni ìyẹn, nítorí pé sáà tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀ jù ló fa ìṣirò náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.