Àgbàdo Oṣù Kẹjọ Kọ́ Ni Kí Ẹ Kó Pamọ́

Ọjọ́ ọjà Kàbbà ni, nínú oṣù Kẹjọ. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ obìnrin tó ń gbé ní Ìyàrá, dúró síwájú àpò àgbàdo méjì. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé méjèèjì sọ́kọ̀. Owó rẹ̀ ti já, mo fẹ́ kó o sílé di ọdún tó ń bọ̀." Mo ní, "Ìyá, ẹ ra mudu díẹ̀ tí ẹ máa jẹ báyìí. Ẹ má kó èyí pamọ́." Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Alárobọ̀ wo ló ń lé oníbàárà?

Kò parọ́ o, owó já lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó àgbàdo ń wálẹ̀ lọ́dún lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, láti Kàbbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Àgbàdo tí a fi òjò àkọ́rọ̀ gbìn ní oṣù Kẹta sí Ìkẹrin ló ń kọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kẹfà sí Ìkeje, tútù la ń jẹ ẹ́, sísun àti sísè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan owó èyí tó wà nínú àpò. Èyí tó bá gbó lórí igi ni wọ́n ń bó wá sọ́jà ní oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án, owó á sì rọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ti àrọ̀kúrò ni ìkejì. Oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá là ń ká a, àsìkò yẹn náà sì ni ọkọ̀ ń kó ti Òkè Ọya wọlé, ni owó á tún wálẹ̀.

Ìwálẹ̀ méjèèjì ò jọra. Àgbẹ̀ tó ń ta ní oṣù Kẹjọ ń sáré ni. Òjò lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ìsinmi yẹn kì í tó láti gbẹ àgbàdo délẹ̀délẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá gbé e jókòó, á bu. Owó ilé-ìwé oṣù Kẹsàn-án sì ń bọ̀. Owó tó fi ń tà á kéré nítorí pé omi wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá rà á ló sì ń ra omi náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kí a ní àpò kan wọn kílò 100, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 20 nínú 100. Kílò 80 péré ni àgbàdo gan-an nínú rẹ̀. Àgbàdo tí a bá fẹ́ kó pamọ́, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bíi 13 nínú 100. Bí ẹ bá sá àpò yẹn títí tó fi gbẹ dé bẹ̀, nǹkan bíi kílò 92 ló máa kù. Owó tí mo fẹ́ dá yìí, mo kàn fi ń ṣírò ni, kì í ṣe iye ọjà òní. Ká ní ẹ rà á ní ₦28,000 ní oṣù Kẹjọ, kílò kọ̀ọ̀kan ti di bíi ₦304. Ká ní gbígbẹ ti oṣù Kejìlá jẹ́ ₦30,000 fún kílò 100, ₦300 ni kílò kan. Èyí tó pọ́ jù lójú ló wọ́n jù. Mi ò tíì ka iṣẹ́ sísá sí i, pẹ̀lú òjò tí yóò máa lé yín wọlé lójoojúmọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò, mo kó àpò mẹ́fà jọ ní oṣù Kẹjọ, mo tò wọ́n mọ́ ògiri. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ àárín àpò kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbóná bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ẹyọ rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra, ewú aláwọ̀ ewé ti bò ó. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ ṣe ògì, ẹ má sì fi fún adìyẹ. Ewú yẹn lè mú májèlé tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́síìnì wá, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iná ìdáná kì í pa á.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó gbẹ? Eyín la fi ń dán an wò tẹ́lẹ̀: tó bá ta kà kí ó tó fọ́, ó gbẹ. Èmi fẹ́ràn iyọ̀ jù. Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ da ṣíbí iyọ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, kí ẹ bu àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà. Ẹ dé e, ẹ mì í fún bíi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì pọ̀ níbẹ̀. Bí iyọ̀ bá já wálẹ̀ pátá, omi ti dín sí 15 nínú 100, oòrùn díẹ̀ sí i á sì parí rẹ̀. Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ o: ẹ kọ́kọ́ sá a sóòrùn, torí iyọ̀ ìgbà òjò máa ń fa omi, á sì purọ́ mọ́ àgbàdo.

Tèmi ni pé kí ẹ ra ti àrọ̀kúrò láàárín ìparí oṣù Kọkànlá sí ìparí oṣù Kìíní. Ọyẹ́ ti bá yín gbẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọdún Kérésìmesì àti owó ilé-ìwé oṣù Kìíní sì ń lé àgbẹ̀ wá sọ́jà. Láti oṣù Kẹta owó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, oṣù Karùn-ún sí Ìkeje ló sì sábà máa ń wọ́n jù.

Kòkòrò ló kù. Inú ẹyọ àgbàdo ló ń yé sí, àtoko sì lòmíràn ti ń bá a wá, ẹ ò sì ní rí i lójú. Tó bá pé bí oṣù kan, ọmọ á gbẹ́ ihò jáde. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ àpò, ó ti bẹ̀rẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta ló ń ràn wá lọ́wọ́: ọ̀rá méjì nínú, sáàkì lóde. Ẹ kún un, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ le dan-in-dan-in, kí ẹ gbé e lé pákó, kí ó jìnnà sí ògiri. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán mọ́ kòkòrò lọ́wọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ń ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bu mudu kan, asán ni. Ẹ ya èyí tí ẹ máa jẹ fún oṣù kan tàbí méjì sọ́tọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kù. Ẹ má da oògùn apakòkòrò inú ilé sí i láéláé.

Ìlànà yìí kì í ṣe òfin o. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún ọjọ́ 150 wọn ò ní gba owó ibodè lórí àgbàdo, ìrẹsì, wíìtì àti ẹ̀wà. Nígbà tó di ọdún 2025, owó ọkà wálẹ̀ gan-an, ẹni tó fi gbèsè kó o pamọ́ láti tún un tà jẹ gbèsè. Ẹ kó iye tí ilé yín máa jẹ nìkan.

Ẹ̀wà náà jọ ọ́: oṣù Kọkànlá sí Ìkíní. Epo pupa ń pọ̀ ní oṣù Kejì sí Ìkarùn-ún. Iṣu ò ṣe é kó jọ púpọ̀ bí ẹ ò bá ní àká iṣu, torí tó bá kọjá oṣù Kejì, ó ti ń hù.

Olùkọ́ mi ará Ìyàrá padà wá ní oṣù Kìíní, ó fa ìgò iyọ̀ yọ nínú báàgì. Ó bu àgbàdo àpò mẹ́ta wò. Iyọ̀ já wálẹ̀ nínú méjì, ó lẹ̀ mọ́ ìgò nínú ìkẹta. Ó sanwó àpò méjì, ó fi ìkẹta sílẹ̀ fún mi.