Gbígbé láìfù wálẹ̀ sí 480 kọ́ ló ń mú kó fúyẹ́

Bí láìfù bá ti ń dúró, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, “Gbé e wálẹ̀ sí 480.” Wọ́n gbà pé bí àwòrán bá ti kéré, á fúyẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì á sì lè gbé e. Wọ́n á gbé e wálẹ̀ tán, á tún máa dúró bó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀.

Nínú OBS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe láìfù, `Video Bitrate` ló ń sọ iye dátà tó ń jáde, kì í ṣe ìtóbi àwòrán. Bó bá wà ní 2500 lórí `CBR`, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí iye dátà yí padà, nǹkan bíi kílóbíìtì 2,500 ni á máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ 1080, ìbáà jẹ́ 480. Ìtóbi àwòrán kàn ń sọ iye ẹnu, ìyẹn píkísẹ́lì, tó máa pín in jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbé kílóbíìtì 1,500 jáde. Ìgbéjáde ni mo wí o. Ìgbàwọlé ni ọ̀pọ̀ máa ń wò, òun ló sì sábà máa ń pọ̀. Ó fi 2500 sílẹ̀, ó ń ṣe 1080. Dátà pọ̀ ju ọ̀nà lọ, ni OBS bá ń ju fírémù, ìyẹn àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ léra di fídíò, nù. Bó bá ṣí `Stats`, á rí i tí `Dropped Frames (Network)` ń gòkè. Ó dá láìfù dúró, ó gbé àwòrán sí 480, ó tún bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà náà ṣì ń gòkè. Ó wá dín `Video Bitrate` kù sí 1000, kò gòkè mọ́. Kò lo 1,500 tán torí ohùn náà lè fẹ́ tó 128, íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò lágbára kì í sì í dúró sójú kan.

Ibí ni 480 ti wá wúlò. Ká ní ó fi 1000 yẹn ṣe 1080. Láìfù kò ní dúró, àmọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti mi orí pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ á gé wẹ́wẹ́ di onígun mẹ́rin mẹ́rin. Àwòrán 1920x1080 ní píkísẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù méjì. 854x480 kò ju nǹkan bí 410,000. Dátà kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó kan píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní 480 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti 1080. Ìdí nìyẹn tí 480 fi ń dára wò jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣòroó gbà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ńlá.

Iye fírémù náà wà lára àwọn ẹnu yẹn. Bó bá jẹ́ ojú ìwé lẹ̀ ń ṣàlàyé, 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù dán an wò: bọ́ọ̀lù á kàn máa fò láti ibì kan sí ibòmíì. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 30, kí ẹ dín ìtóbi kù.

Bí `Dropped Frames (Network)` bá wà ní 0, tí ẹnì kan ṣoṣo ṣì ń ráhùn pé ó ń dúró, íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni kí ó lọ yẹ̀ wò.