Èló gan-an ni ọjà yín nígbà tó bá dé Ìlọrin?

“Wọ́n ní owó FOB ìdá 4 nínú 100 ti padà, wọ́n tún ní wọ́n ti dá a dúró. Èwo ni kí n fi ṣírò ọjà mi?”

Èyí tó wà nínú ìwé tiyín ni. FOB ni iye ọjà láìka owó ọkọ̀ òkun àti owó adójútòfò. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ aṣọ́bodè kéde owó náà, oṣù yẹn náà ni wọ́n dá a dúró. Ó tún gbérí, ìjọba sì tún ní kí wọ́n dá a dúró nínú Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ṣí ìwé SGD tí èjẹ́ǹtì fi ṣe ìkéde ọjà yín, kí ẹ lọ sí àpótí 47. Ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo owó sí: orúkọ owó, iye tí wọ́n ṣírò lé lórí, ìdá rẹ̀ àti iye tó jẹ́. Bí àròpọ̀ ibẹ̀ bá bá rísíìtì báǹkì mu, òun lẹ san.

“Mo wá iye ọjà nínú bíìlì ọkọ̀ òkun títí, mi ò rí i.”

Kì í sábà sí níbẹ̀. Iye páálí, ìwọ̀n kílò, nọ́ńbà kọ̀ǹténà àti ẹni tó ni ẹrù ni ẹ máa rí. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “Freight Prepaid” tàbí “Freight Collect”. Prepaid ni pé wọ́n ti san owó ọkọ̀ lọ́hùn-ún; Collect ni pé ẹ̀yin lẹ máa san án níbí. Bí ìnífọ́ìsì yín bá jẹ́ CFR, ìyẹn ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀, tàbí CIF, tó tún fi owó adójútòfò kún un, owó ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún fi kún un ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọjà rẹ̀ á wọ́n ju ti aládùúgbò rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Táíwò lọ láìnídìí.

“Ṣé iye náírà tí aṣọ́bodè kọ ni iye tí mo ra ọjà?”

Rárá o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Iye tí aṣọ́bodè kọ wà fún ṣíṣírò owó ibodè nìkan, sílé dọ́là tiwọn, ìyẹn iye náírà tí wọ́n ka dọ́là kan sí, ni wọ́n sì fi ṣe é. Sílé náà wà ní àpótí 23. Sílé tí ẹ fi ra dọ́là yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 500 ẹ̀rọ ìránṣọ. FOB jẹ́ $18,000, owó ọkọ̀ $1,800, owó adójútòfò $200. CIF wá jẹ́ $20,000. Ká ní sílé àpótí 23 jẹ́ ₦1,500, CIF di ₦30,000,000. Ká ní ìwé kọ owó ibodè ìdá 10 nínú 100: ₦3,000,000. Surcharge, ìdá 7 owó ibodè: ₦210,000. CISS, owó àbójútó ọjà tó ń wọlé, ìdá 1 FOB: ₦270,000. ETLS, owó ti ECOWAS, ìdá 0.5 CIF: ₦150,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,630,000. VAT ìdá 7.5 wá gun orí CIF pẹ̀lú gbogbo owó wọ̀nyí: ₦2,522,250.

Ká ní ₦1,560 lẹ fi ra dọ́là kọ̀ọ̀kan. Owó ọjà tiyín jẹ́ ₦31,200,000, kì í ṣe 30 mílíọ̀nù. Ẹ fi ₦3,630,000 kún un, àti owó èbúté, èjẹ́ǹtì àti tírélà dé Ìlọrin, ká ní ₦3,200,000. Ó di ₦38,030,000. Ẹ̀rọ kan jẹ́ ₦76,060. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú Excel nìyí:

```
=(B1*B2+B3+B4)/B5
```

B1 ni dọ́là tí ẹ san, B2 sílé tí ẹ fi rà á, B3 àpótí 47 láìka VAT, B4 owó èbúté dé ṣọ́ọ̀bù, B5 iye ẹ̀rọ.

“Kí ló dé tí ẹ yọ VAT?”

Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT, tó sì ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, lè yọ èyí tó san ní èbúté kúrò nínú ohun tó máa san fún ìjọba. Bí ẹ kò bá forúkọ sílẹ̀, owó yín ló ti lọ: ẹ fi kún un, ẹ̀rọ kan á di ₦81,104.50.

“Aṣọ́bodè gbé iye ọjà mi sókè. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

Ẹ fi sílé àpótí 23 pín iye ọjà tí wọ́n kọ sí àpótí 46. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó yẹ kó jẹ́ $20,000. Bí ó bá jẹ́ $24,000, wọ́n ti fi $4,000 lé e, owó ibodè á di ₦3,600,000. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá èjẹ́ǹtì ló tẹ nọ́ńbà òdì tàbí kóòdù ọjà mìíràn sí àpótí 33. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìnífọ́ìsì àti ẹ̀rí owó tí báǹkì fi ránṣẹ́ lọ bá aṣọ́bodè kí ẹ tó san. Owó ọjà yín kò yí padà. Owó tí wọ́n ń gbà ní ibodè nìkan ló ga.

“Owó kan ṣoṣo ni èjẹ́ǹtì dá lé mi, kò fún mi ní ìwé kankan.”

Ẹ má gbà. Láìsí SGD, ẹ kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìjọba àti èyí tó jẹ́ ti èjẹ́ǹtì. Bó bá sì kéde iye tó kéré sí ti òótọ́, orúkọ yín ló wà lórí ìwé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wá. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ tó kù fún un, ẹ gba ẹ̀dà SGD, ìwé ìṣírò owó ibodè àti rísíìtì báǹkì. Ẹ fún awakọ̀ tírélà ní ẹ̀dà pẹ̀lú, torí aṣọ́bodè lè dá a dúró lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nọ́ńbà kọ̀ǹténà tó wà lórí bíìlì ni wọ́n sì máa fi wé èyí tó wà lára ẹrù.