Túúlu Alámì-Ìṣáájú: Ìgbì inú Ọpọlọ àti Ohun Tó Ń Ta Á Jí

Túúlu alámì-ìṣáájú ni ẹ̀fọ́rí túúlu tí àmì kan máa ń ṣíwájú rẹ̀, ojú ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ hàn sí. Ká sọ pé obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Bó ti ń ka owó, ibì kan lára owó náà pòórá lójú rẹ̀. Láìpẹ́, ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà níbẹ̀, ó sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bó di ojú kan, ó ṣì ń rí i. Bó di èkejì, ó ń rí i bákan náà, torí pé inú ọpọlọ lọ̀ràn wà, kì í ṣe inú ẹyinjú. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, orí fífọ́ sì dé.

Ìgbì kan ló fà á. Aristides Leão, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bùràsíìlì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1944, lára ọpọlọ ehoro. Àwọn kẹ́míkà bíi pọtásíọ̀mù àti glútámeètì máa ń tú jáde lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, wọ́n á ta sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ wọn jí, ìyẹn náà á sì tú tirẹ̀. Ó dà bí iná ọ̀gbẹlẹ̀ nínú pápá: iwájú ń jó, ẹ̀yìn ti kú. Iwájú ìgbì ló ń fa mànàmáná tí obìnrin náà rí. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ló ń fa ibi tí kò ríran. Ìgbì náà ń rìn tó nǹkan bí mìlímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà, ní 20 ìṣẹ́jú, á ti rin nǹkan bí mìlímítà 60. Karl Lashley, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ti fi àmì ojú ara rẹ̀ ṣírò irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1941, kí Leão tó kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbì yìí lè ru àwọn iṣan ìmọ̀lára inú awọ tó bo ọpọlọ sókè, ibẹ̀ sì ni ìrora ti ń wá.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń dá túúlu sí ẹnì kan lára, tí ẹlòmíì sì ń jókòó sínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ìrúsókè tí ìgbì fi lè bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ẹbí kan, àbùkù wà lára àbùdá ATP1A2, tó ń darí ohun tó ń kó pọtásíọ̀mù padà sínú sẹ́ẹ̀lì, ìgbì sì tètè ń gbéra. Ẹ̀rí láti ara ẹranko tún fi hàn pé ẹ́sítírójìn, họ́mọ́nù tó pọ̀ lára obìnrin, ń mú kó rọrùn fún ìgbì láti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn nìkan lè máà ṣe obìnrin wa yìí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí kò bá sùn dáadáa, tí ebi sì ń pa á nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń bọ̀, àpapọ̀ wọn lè kọjá ohun tí ọpọlọ rẹ̀ lè gbà.

Wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi ru ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Túúlu lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí adùn máa wu ènìyàn jẹ tàbí kí ìmọ́lẹ̀ máa ni í lára. Bí orí bá wá fọ́ lọ́jọ́ kejì, ṣúgà tó jẹ tàbí oòrùn ni wọ́n á máa bú.

Àmì tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jọ ìgbì yìí. Bí ìríran bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí apá kan rọ, tàbí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mọ́ lójijì, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì, irú èyí tó wà ní Ìdí-Aba l'Ábẹ́òkúta, ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.