Ẹ̀dà fáìlì wà nílé, ọ́fíìsì ṣì tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án

Ránsọ́mùwíà ti fáìlì pa ní ọ́fíìsì tí wọ́n pè yín sí ní Wuse, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ẹ̀dà fáìlì nípamọ́. Kí ló dé tí wọn ò dá a padà lọ́jọ́ kejì?

Nítorí pé olè ṣì wà nínú ilé. Ẹni tó bá gbé ẹrù tuntun wọlé kó tó lé olè jáde, olè ló ń kó ẹrù fún.

Kí ni ránsọ́mùwíà?

Ètò burúkú tó ń ti fáìlì yín pa, kí ẹni tó rán an lè gbowó kó tó ṣí i.

A rí i tí wọ́n ń yọ wáyà nídìí kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí wọn ò kúkú pa á?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, akọ̀wé kan fẹ́ ṣí ìwé owó oṣù, ó kọ̀. Ó wo orúkọ fáìlì náà: `.locked` ti so mọ́ ìdí rẹ̀. Kí ó má baà ràn dé ara ẹ̀rọ yòókù, a yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, a sì pa Wáì-fáì. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, a fi iná sílẹ̀ lórí rẹ̀, torí pé ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ̀ lè fi ọwọ́ olè hàn, nígbà míì kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí fáìlì gan-an. Tí iná bá ti lọ, ó parẹ́. (L'Ábùjá níbí, ẹni tó ní ínfátà ló lè sọ báyìí.) Àyàfi tí kò bá sí bí ẹ ṣe lè já a kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì ni kí ẹ pa á.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé olè ṣì wà níbẹ̀?

Ìwé àkọsílẹ̀ Windows ló sọ ọ́. Nọ́ńbà `4624`, irú `10`, túmọ̀ sí pé ẹnì kan wọlé láti òkèèrè, ó sì ń lo ẹ̀rọ bíi pé ó jókòó sídìí rẹ̀. A rí i ní ọjọ́ 11 ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ní ago méjì òru, lórí àkáǹtì òṣìṣẹ́ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Kàdúná. Torí náà, ẹ̀dà sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fáìlì gbogbo ọ́fíìsì wà, tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ 11 yẹn lè gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn olè wọlé padà.

A ti àkáǹtì náà pa, a yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù padà, ti ọ̀gá ẹ̀rọ la kọ́kọ́ yí, a sì tún Windows gbé sórí gbogbo ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lórí díráfù tó so mọ́ sáfà ti bá a lọ. Èyí tó gbà wá ni díráfù tí akápò máa ń yọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tó ń tì mọ́ inú àpótí irin. Ti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ tí olè wọlé la lò. Ìwé owó oṣù la kọ́kọ́ dá padà, a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan kí a tó kan òmíràn.

Ìpàdé wo ni wọ́n tún wá ń ṣe lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí?

Láti mọ ìdí tí àkáǹtì ẹni tó ti lọ fi ṣí sílẹ̀. Ìdáhùn: kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà pé ó ti lọ. Ní báyìí, orúkọ ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ń dé ọwọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n sanwó?

Kò dáa. Olè lè gbowó kó má ṣí i, ẹ̀dà tó ti jí lọ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo `nomoreransom.org`: kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn irú kan.

Orúkọ mi wà nínú fáìlì wọn. Kí ni kí n ṣe?

Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ní kí iléeṣẹ́ fi irú èyí tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tó bá lè pa àwọn èèyàn lára. Tí ewu náà bá pọ̀, kó sọ fún ẹ̀yin náà. Ìpè ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tó mọ orúkọ yín, owó oṣù yín àti báńkì yín á dún bí òṣìṣẹ́ báńkì. Tó bá ti béèrè OTP, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín.