Kálórì mélòó ni aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílò? Ibi tí ìṣirò ti máa ń ṣìnà

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá ẹlẹ́ja kan láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 45 ni. Ọ̀kadà gbá a, egungun itan rẹ̀ dá, wọ́n sì so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí egungun lè tò. Kò lè dìde rárá. Kálórì mélòó ni ara rẹ̀ máa ń jó láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn èémí aláìsàn láti fi mọ iye yìí, òun ló sì dájú jù, àmọ́ ó wọ́n, wọ́ọ̀dù tó ní i kò pọ̀. Ìṣirò la fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ wá ni iye tí ara ń jó nígbà tí èèyàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí ọkàn ń lù, tí ó ń mí, tí ara rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìṣirò Mifflin-St Jeor, tó jáde ní 1990, kò ṣòro. Fún obìnrin:

```
(10 × kílò) + (6.25 × sẹ̀ǹtímítà) − (5 × ọdún) − 161
```

Fún ọkùnrin, a ó fi 5 kún un dípò kí a yọ 161. Ìyá wa wọn kílò 62 kó tó ṣubú, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160. Ìyẹn jẹ́ 620 + 1000 − 225 − 161, tí í ṣe 1,234. Ẹni tí kò lè dúró, téèpù la fi ń wọn gíga rẹ̀: láti ihò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn dé orí ìka àárín, a ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Apá èèyàn wa sábà máa ń gùn ju gíga wọn lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tiẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 6 ṣìṣe, kálórì 38 péré ni.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi nọ́ńbà ìrìn sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tí kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, 1.2, ẹni tó ń rìn nínú wọ́ọ̀dù, 1.3. Bó ṣe ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kiri tẹ́lẹ̀ kò kàn wá mọ́, ohun tó ń ṣe lónìí la ń kà. 1,234 × 1.2 fún wa ní 1,481.

Nọ́ńbà àìsàn ló kù, òun gan-an ló sì ń da ìṣirò rú. Nínú àtẹ tí Long àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ gbé jáde ní 1979, iṣẹ́ abẹ kékeré gba 1.2, egungun tó dá gba 1.35, àrùn tó ti ràn wọ inú ẹ̀jẹ̀ gba 1.6, ìjóná tó le gba 2.1. Bí a bá lo 1.35 fún ìyá yìí, ó di 1,999. Bí ẹlòmíì bá rí i pé ara rẹ̀ gbóná, tó sì sáré mú 1.6, ó di 2,369. Èyí fi 592 ju ti ẹni tó mú 1.2 lọ, ìyẹn agbára tó wà nínú gàrí gbígbẹ tó lé ní gíráàmù 150, lójoojúmọ́. Ẹ fi wé ìwọ̀n ara: bí ẹsẹ̀ tó wú bá mú kí wọ́n kọ kílò 70 dípò 62, ìyàtọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìsọdipúpọ̀, kò ju 130 lọ. Ibi tí ó yẹ kí a ti fara balẹ̀ ni yíyan nọ́ńbà àìsàn, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ti rí i pé àtẹ àtijọ́ yìí sábà máa ń pọ̀ jù. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a fi kálórì 25 sí 30 fún kílò kan yẹ èsì wò. Fún kílò 62, ìyẹn jẹ́ 1,550 sí 1,860, nítorí náà 1,999 ti kọjá. Bí a bá mú 1.2, a ó ní 1,777, ibẹ̀ sì ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Kí a má sì ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì: bí a bá ti mú nọ́ńbà àrùn inú ẹ̀jẹ̀, ibà ti wà nínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ tún fi tirẹ̀ kún un.

Àmọ́ bí ó bá ti lo ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹun, iye yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kìíní. Díẹ̀díẹ̀ la ó fi gbé e dé ibẹ̀, nítorí oúnjẹ òjijì lè mú kí pòtásíọ̀mù àti fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, èyí sì lè pa èèyàn.

Bí a bá bọ́ ọ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gòkè lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Bí ó bá fi kílò kan wúwo sí i láàárín ọjọ́ méjì, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Bí kò bá tó, ojú ọgbẹ́ kì í tètè jinná, apá á sì máa tín-ín-rín. Kí a tó fi kún un, ẹ wo abọ́ tí wọ́n gbé padà láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ìdajì ẹ̀bà bá ṣì wà níbẹ̀, ìṣirò kọ́ ló ṣìnà.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti tú òkúta, tí ìyá wa ń fi igi rìn, tí sìkéèlì sì sọ pé ó ti di kílò 59, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 1,204. A ó fi 1.3 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó yọ nọ́ńbà àìsàn kúrò, iye tuntun á sì jẹ́ 1,565.